Nígbà Tí Ọkọ Mi Tún Iṣẹ́ Irin Kọ́

Ọjọ́ tí ọ̀gá ọkọ mi mú wẹ́dà méjì, àwọn tó ń jó irin pọ̀, wá láti Port Harcourt ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ dà rú. N kò sí níbẹ̀. Ilé ni ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi, níbi tó jókòó sí lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń fi ìdí ṣíbí ha ìdọ̀tí dúdú kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí a kò tíì fẹ́ra, wọ́n ní kí n máa bá ẹlòmíì di irin mú."

Ní Emene, ní ìlú Enugu, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí àwọn iléeṣẹ́. Géètì, irin ojú fèrèsé àti irin tí wọ́n ń gbé táńkì omi lé ni wọ́n ń jó níbẹ̀, ọkọ mi ló sì mọ̀ ọ́n jó jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì ní kí wọ́n bá òun ṣe táńkì onírin sìtéénlẹ́ẹ̀sì, irin funfun tí kì í dógùn-ún yẹn. Ọ̀gá gba iṣẹ́ náà, ó sì lọ wá ẹni tó lè ṣe é níta. Owó tí àwọn àlejò náà gbà fún ọ̀sẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ọkọ mi ń gbà lóṣù méjì.

"Kí ni wọ́n fi jù yín lọ?" Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé ó lè dùn ún.

Kò bínú. Ó ronú sí i. "Mo fi ìka kan ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀. Ó ń dán, àfi bíi pé bí irin yẹn ṣe wà nìyẹn láti ilẹ̀ wá. Tèmi lágbára, erin ò lè fà á ya, ṣùgbọ́n ó máa ń ní ihò wẹẹrẹ. Ẹni tó ni táńkì ní inú ihò bẹ́ẹ̀ ni wàrà á máa sá pamọ́ sí, á kan, á sì ba gbogbo ìyókù jẹ́. Tí mo bá jó o báyìí, wọn ò ní rà á. Tí wọn ò bá rà á, kí ni ọ̀gá fẹ́ sanwó fún mi lé lórí?"

Ó ti wá bu òkèlè àkọ́kọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó kàn mú un dání ni.

Ìlú Enugu ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá láti apá Ọ̀yọ́ láyé òyìnbó, wọ́n gbà á sí akọ̀wé rélùwéè nítorí pé ó mọ̀wé kà, ó mọ̀wé kọ. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé bàbá àgbà náà kò gbé irin ojú ọ̀nà rélùwéè rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ owó rẹ̀ ju ti àwọn tó ń gbé e lọ, nítorí pé ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, ọkọ mi ò tíì ju kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama lọ. Ó fi ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Èmi ní tèmi, ìsìnrú ìlú, iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ló gbé mi wá láti Ìbàdàn. Wọ́n fi mí sí ilé-ìwé láti máa kọ́ àwọn ọmọdé, n kò sì padà sílé mọ́. Achara Layout nínú Enugu là ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń ṣe tíṣà wà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ mi sọ fún mi pé ibì kan wà ní Emene tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní irin jíjó onígáàsì, irú tí àwọn ará Port Harcourt náà mọ̀. Oṣù mẹ́fà ni, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, Mọ́ńdè sí Fúráídè.

Mo ní, "Ta ló máa wá ṣe iṣẹ́ yín?"

"Kò sẹ́ni tó máa ṣe é."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí gan-an. Owó ilé ẹ̀kọ́ náà wúwo, àmọ́ òun kọ́ ló wúwo jù. Èyí tó wúwo jù ni owó oṣù mẹ́fà tí kò ní wọlé. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àwa la máa san án, nínú ìrẹsì, nínú owó ilé, nínú owó ilé-ìwé àwọn ìbejì.

A ní owó kan ní báńkì. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la fẹ́ fi rà, kí ẹnì kan máa fi kó èrò, kó sì máa mú owó wá fún wa. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ilé kejì sí wa, ló dá ìmọ̀ràn yẹn. Nígbà tí ọkọ mi sọ fún wọn pé òun fẹ́ fi owó náà kọ́ṣẹ́, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀.

"Kọ́ irú iṣẹ́ wo? Èyí tó o ti ń ṣe láti kékeré?"

"Màmá, kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Kẹ̀kẹ́, a máa fojú rí i. Tí nǹkan bá le, a tà á. Èyí tó o fẹ́ kọ́ yìí, tí ebi bá dé, ta la máa tà á fún?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun téèyàn bá kọ́ kò ṣeé fi yá owó, kò ṣeé tà fún aládùúgbò. Ara ẹni tó kọ́ ọ ló máa wà títí, tí ara yẹn bá sì bàjẹ́, ó bá a lọ.

Ìyá ọkọ mi tún bojú wò mí. "Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀wé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, tí ọmọ yín bá ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún ni, mi ò ní gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì pé ogójì. Tí Ọlọ́run bá fún wọn lẹ́mìí, ó tó ogún ọdún tí wọ́n máa fi jẹ èrè rẹ̀." Ohùn mi le bíi ti tíṣà.

Kó tó forúkọ sílẹ̀, ọkọ mi ní kí n bá òun lọ rí ọ̀gá. Ọkùnrin Ìgbò ni ọ̀gá náà, ó lára, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n owó ò ṣeé fi bá a ṣeré. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Ọkọ mi fi pijin ṣàlàyé ohun tó fẹ́, ó sì ní bóyá ọ̀gá lè san ìdajì owó ẹ̀kọ́ náà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa wúlò fún.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká irin ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Ẹ wo ìyẹn. Owó mi ló wà lára rẹ̀. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn pa lálẹ́, mo mọ̀ pé n ó bá a níbẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó owó sínú ọwọ́ rẹ, ìwọ lo máa gbé ọwọ́ yẹn lọ sílé. Tí iléeṣẹ́ kan bá pè ọ́ lọ́la, wàá gbé e bá wọn lọ. Kọ́kọ́rọ́ wo ni mo fẹ́ fi tì ọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, mi ò ní sá lọ."

"Mo mọ̀ pé o ò ní sá lọ lónìí."

Kò san kọbọ̀ nínú owó ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é, ó sì lè máa wá ṣiṣẹ́ ní Sátidé kó gba owó ojúmọ́. Nígbà tá a jáde, inú ń bí mi. Nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, inú ọ̀hún rọlẹ̀. Èmi náà, tó bá jẹ́ owó mi ni, mi ò ní san án. Ẹni tó máa gbé ohun náà kiri ló yẹ kó rà á.

Bẹ́ẹ̀ ni owó kẹ̀kẹ́ ṣe lọ.

Oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé a ti wọ inú omi tó jìn. Owó oṣù mi àti owó Sátidé ọkọ mi nìkan là ń ná. A kò ra ẹja tútù mọ́. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí onílé tí mo bá rí i lókèèrè. Ọkọ mi náà sì ń rù. Ó ní ọwọ́ òun ò gbọ́ràn. Nínú irin jíjó tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, èèyàn lè tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, kó sì máa sáré. Èyí tuntun yìí gba sùúrù, ọwọ́ kan á di irinṣẹ́ iná mú, ìkejì á máa fi okùn irin tín-ín-rín kún un díẹ̀díẹ̀. Gáàsì sì gbọ́dọ̀ bo ẹ̀yìn irin náà pẹ̀lú iwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú rẹ̀ á jóná, á rí wúruwùru bíi ṣúgà tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Àmọ́ ohun tó fẹ́ lé e kúrò níbẹ̀ kì í ṣe iná. Ìwé ni. Wọ́n máa ń ya àwòrán táńkì sójú pátákó, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ bí irin tí wọ́n máa gé ṣe máa gùn tó. Àwọn ọmọ tó jáde ní ilé-ìwé girama tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ á ti dáhùn kó tó lóye ìbéèrè. Ní ọ̀sán Fúráídè kan, ó dé, ó sì sọ fún mi pé òun ò padà lọ mọ́.

"Mo ti dàgbà jù, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín."

N kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti iṣẹ́ Sátidé dé, mo mú un lọ sí kíláàsì mi, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà. Mo mú ìdérí ìkòkò mẹ́ta tí wọn ò tóbi bákan náà dání, pẹ̀lú okùn òwú. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó tijú, ó ń wo ojú fèrèsé bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Mo ní, "Ẹ fi okùn yí ìdérí yìí po, kí ẹ gé e. Ó yá, ẹ wá fi wọn ìbú rẹ̀ gba àárín, láti etí dé etí. Ìgbà mélòó ló lọ?"

Ó wọ̀n ọ́n. "Mẹ́ta. Ó tún kù díẹ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ ṣe ìkejì."

Ó ṣe é. Mẹ́ta, ó tún kù díẹ̀. Ó ṣe ìdérí kẹta kíákíá, kò dúró dè mí. Ó gbójú sókè.

"Ṣé gbogbo nǹkan roboto ló rí báyìí?"

"Gbogbo wọn pátá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn orí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ká irin, mo kàn ń fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Tó bá gùn jù, a gé e sọ nù. Tó bá kúrú, a lẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀n-ẹ́n! Irin tí mo ti fi ṣòfò!" Irin lásán ni wọ́n ń lò nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò ka èyí tó ṣòfò sí. Ṣùgbọ́n sìtéénlẹ́ẹ̀sì wọ́n, ẹni tó bá gé e ní àṣìgé ti jẹ èrè iṣẹ́ náà tán.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, a máa ń lọ sí kíláàsì náà. Ìdá, ìdajì, igun, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán tí wọ́n sọ di kékeré. Ohun tó kọ́ ní kíláàsì kìíní sí kẹta nígbà èwe kò tíì parẹ́, eruku ló bò ó. Tí kò bá sí ìyẹn, n kò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ náà parí, ojú rẹ̀ fẹ́ pa wá lára. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tanná iṣẹ́ nígbà tí ọkọ mi ti ṣí ìbòjú tirẹ̀ sókè. Ó ní kò dun òun lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí nu ojú, ó ní ó dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Kò pẹ́, kò lè la ojú náà mọ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, ojú náà sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fà mí láṣọ, ó ní, "Mummy, is Daddy blind?"

Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń mú arúgbó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo owó wa, gbogbo ẹja tí a kò jẹ, inú ojú méjì yẹn ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ń lọ lórí mi: ta la máa tà á fún?

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ti rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ìmọ́lẹ̀ iná náà ló jó ojú rẹ̀ bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara, pé yóò sàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí kò bá padà sídìí iná. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, wọ́n sì di ojú rẹ̀. N kò gbà wọ́n gbọ́ títí di ọjọ́ kejì, nígbà tó tú aṣọ ojú náà tó sì ní aṣọ tí mo wọ̀ ti ṣá. Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ló dùn mí.

Ìdánwò dé. Wọ́n ní kó jó irin pẹlẹbẹ méjì pọ̀, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. Tí ojú ibi tí wọ́n jó bá ya, ó ti kùnà nìyẹn. Tirẹ̀ ya. Ọ̀kan péré ló ya, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti tó. Wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. N kò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní spelling, mo kọ ọ̀rọ̀ kan náà sójú pátákó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ní, "Aunty, you don write am before."

Lẹ́nu géètì ilé-ìwé ni ọkọ mi ti dúró dè mí nígbà tí mo jáde. Ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Ó na irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí mi, tí wọ́n ti tẹ̀ bí ìwọ̀. Mo fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dán, kò sí ibi tó ya.

Mo rò pé ìyà ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá gbá a lọ́wọ́ mú, ó yìn ín, ó sì fi owó oṣù rẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kọ́ ni wọ́n ń da wàrà sí.

Iléeṣẹ́ yọ́gọ́ọ̀tì tún béèrè táńkì mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó pe Port Harcourt. Ọkọ mi ló ka àwòrán rẹ̀, òun ló gé irin, òun ló jó o. Obìnrin kan láti iléeṣẹ́ náà wọ inú táńkì lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó pẹ́ níbẹ̀. Obìnrin náà jáde, ó bu ọwọ́ lù ú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, nítorí owó tó ń kó fún àwọn àlejò ti kù sí i lápò.

Síbẹ̀, ohun tó fi kún owó ọkọ mi lóṣù yẹn kò tó nǹkan. Lẹ́yìn oṣù méjì, iléeṣẹ́ ohun mímu kan lójú ọ̀nà kan náà ránṣẹ́ pe ọkọ mi. Wọ́n fẹ́ kó wá máa tọ́jú àwọn páìpù wọn. Ẹ̀rù tún bà mí. Tí ọ̀gá bá gbọ́, tó bá lé e, tí àwọn yẹn sì yí ọ̀rọ̀ padà ńkọ́?

Ọkọ mi lọ bá ọ̀gá fúnra rẹ̀. "Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ lọ," ló sọ fún mi, "ṣùgbọ́n mo sọ ohun tí wọ́n máa san."

"Kí ni ọ̀gá sọ?"

"Ó wò mí títí. Ó ní ṣebí òun ti sọ fún mi pé kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó wá ní kí n jókòó."

Ọ̀gá fi kún owó oṣù rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kò tó ohun tí àwọn ará Port Harcourt gbà, ọkọ mi ò sì bínú sí i, nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ táńkì ń wá, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó fún un. A san owó ilé-ìwé àwọn ìbejì lọ́jọ́ ìwọlé. Ìyá ọkọ mi ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àfi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọmọ àbúrò wọn náà lè lọ kọ́ iṣẹ́ yẹn.

Kì í ṣe òun nìkan. Méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ti forúkọ sílẹ̀. Mo bi ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bí kò bà á lẹ́rù, nítorí pé tí gbogbo Emene bá mọ̀ ọ́n jó, ta ló máa san irú owó yẹn?

Ó ń bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ń bà mí lẹ́rù. Tí a bá pọ̀ jù, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń jó páìpù epo, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yàwòrán inú rẹ̀ wò, owó tiwọn tún ga ju èyí lọ." Ó gbé bàtà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ìṣirò ibẹ̀ le, wọ́n ní."

Mo ń ronú iye oṣù tí ìyẹn náà máa gbà, àti ohun tí a kò ní rà.

Mo wá ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹja tútù kọ́kọ́ padà sínú ìkòkò wa ná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó bi mí bóyá kọ́kọ́rọ́ kíláàsì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà.